Àjọ ₦50,000 lóṣooṣù, èmi ni nọ́ńbà 10: ṣé kí n dá a àbí kí n gbé owó mi lọ báǹkì?

Aláṣọ Gbági
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ dákun, wọ́n ní kí n fèsì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí ni mo ṣe sáré wá síbí. Àwa mẹ́wàá lórí láìnì wa lọ́jà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àjọ tuntun láti oṣù kìíní, ₦50,000 lóṣooṣù, ẹnì kan á máa kó ₦500,000 títí á fi kárí lóṣù kẹwàá. Èmi ni mo dé kẹ́yìn láàárín wọn, wọ́n bá fi mí sí nọ́ńbà 10. Ẹni tó ń ṣe olórí ní ká máa san owó sínú akáúǹtì òun, òun á wá fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kàn. Ọkọ mi ní kí ni mò ń wá nínú àjọ, pé kí n lọ ṣí akáúǹtì ìfowópamọ́ sí báǹkì kí n máa ju ₦50,000 yẹn sí i, oṣù kẹwàá náà ni màá kó o. Owó ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ fi san, lánlọ́ọ̀dù ò sì ní gbọ́ àlàyé kankan. Àmọ́ mo mọ ara mi, tí owó bá wà lórí fóònù mi tí wọ́n wá já lééṣì tuntun, màá rà á ni. Èwo ló dáa jù nínú méjèèjì?

Ọmọ Ṣakí
Àǹtí, ẹ lọ dá àjọ yín jàre. Báǹkì wo ló ń fún èèyàn lówó ní Nàìjíríà yìí? Owó mi wà níbẹ̀ látọdún, èlé tí mo rí níbẹ̀ ò ra kọ́ńgò gàrí kan. Wọ́n á yọ owó SMS, wọ́n á yọ owó ìtọ́jú akáúǹtì, wọ́n á yọ ₦50 ti ìjọba, nígbà tẹ́ ẹ bá máa ṣírò ẹ̀ tán ẹ̀yin gan-an lẹ ń sanwó fún wọn kí wọ́n lè bá yín tọ́jú owó. Àjọ ní tiẹ̀, iye tẹ́ ẹ dá lẹ máa kó, kò sí kọ́bọ̀ tó máa sọnù.

Bàbá Akáúńtántì
Àbúrò mi, owó ìtọ́jú akáúǹtì tó o dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí n mọ irú akáúǹtì tó o ń lò. Wọn kì í yọ ọ́ lórí akáúǹtì ìfowópamọ́, orí kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kọ́rẹ́ǹtì ò sì ń mú èlé wá ní tiẹ̀. Lọ báǹkì ẹ kó o béèrè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n ṣí fún ẹ nígbà tó o ń gba owó oṣù.

Nípa akáúǹtì ìfowópamọ́ gan-an, CBN ló ń sọ iye tí èlé ẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré sí. Lọ́dún 2020 wọ́n já a wálẹ̀ sí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún MPR, ìyẹn èlé tí CBN fúnra ẹ̀ ń kéde fún gbogbo báǹkì, nígbà yẹn lóòótọ́ owó tí wọ́n ń fún èèyàn ò tó nǹkan. Lọ́dún 2022 wọ́n dá a padà sí ìdá 30. Ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2025, MPR jẹ́ 27%, ìdá 30 nínú ẹ̀ á jẹ́ 8.1% lọ́dún. Ohun tó máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn má rí i ni pé ọ̀pọ̀ báǹkì á gbẹ́sẹ̀ lé èlé oṣù yẹn tẹ́ ẹ bá ti yọ owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín oṣù. Ẹni tó ń fi akáúǹtì ìfowópamọ́ ra káàdì, tó ń fi san ọ̀kadà, kò lè rí èlé kankan níbẹ̀.

Aláṣọ, ẹ jẹ́ ká fi owó tiyín gan-an ṣe é. ₦50,000 ti oṣù kìíní á sùn sí báǹkì fún oṣù mẹ́sàn-án kó tó di oṣù kẹwàá, ti oṣù kejì á sùn fún oṣù mẹ́jọ, bó ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ nìyẹn títí dé ti oṣù kẹwàá tí ò ní sùn rárá. Tí mo bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ ní 8.1%, èlé tó máa wá á jẹ́ bíi ₦15,000. Ìjọba á mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nínú ẹ̀, á ku bíi ₦13,600. Ohun tí nọ́ńbà 10 pàdánù nìyẹn, torí ₦500,000 lásán làjọ máa kó fún yín.

Àmọ́ ẹ wo nọ́ńbà 1 náà. Ó san ₦50,000, ó gba ₦500,000 lọ́jọ́ kan náà, á jẹ́ pé ó jẹ gbèsè ₦450,000 tó máa san díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án láìsan èlé kankan. Tó bá lọ yá irú owó yẹn ní máíkíró báǹkì, ká ní wọ́n gba 4% lóṣù lórí ohun tó bá ṣẹ́ kù, èlé tó máa san máa tó ₦90,000. Nítorí náà ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi pé èwo ló ń mú owó pọ̀ nínú àjọ àti báǹkì, mo máa ń bi í pé nọ́ńbà mélòó ló fẹ́ kó. Fún ẹni iwájú, àjọ jẹ́ lóònù olówó pọ́ọ́kú. Fún ẹni ẹ̀yìn, ìfowópamọ́ tí ò ní èlé ni, ẹ̀yin lẹ̀ ń yá wọn.

Ti pé kí owó lé ọ̀wọ́n gógó bá, kò sí èyí tó lè ṣe é nínú méjèèjì. Ní ìparí 2024 iye ọ̀wọ́n gógó tí NBS, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò, kéde ti kọjá 34%, ẹ wá fi 8% sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọmọ Ṣakí
Ẹ ṣé Bàbá, màá lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, ₦13,600 fún oṣù mẹ́wàá, ṣé tìtorí ìyẹn ni àǹtí máa fi fi àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́jà sílẹ̀? Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn báǹkì ò ní wá kí wọn.

Káfíńtà Agége
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé alájọ o! Ìyá kan ló máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa láràárọ̀, mò ń fún wọn ní ₦1,000, wọ́n á fi bíírò sàmì sínú kádì. Tóṣù bá parí wọ́n á mú ọjọ́ kan nínú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ wọn, wọ́n á fún mi ní ìyókù. Èèyàn rere ni wọ́n, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n kàn ṣàìsàn díẹ̀ ni wọ́n bá kú. A lọ bá àwọn ọmọ wọn, wọ́n ní àwọn ò rí owó kankan nílé, pé tó bá wà ní báǹkì báǹkì ò tíì gbà káwọn fọwọ́ kàn án. Kádì wà lọ́wọ́ èmi àti gbogbo ará òpópónà wa dòní. Ẹ gbé owó yín lọ báǹkì màmá.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Ẹ pẹ̀lẹ́ Káfíńtà, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Àmọ́ àjọ tiyín yàtọ̀ sí èyí tí Aláṣọ ń béèrè. Tiyín, ẹnì kan ló ń gba owó gbogbo yín tó ń bá yín tọ́jú ẹ̀ dópin oṣù. Tiwọn ni èyí táwa ń pè ní èsúsú, owó á ti ọwọ́ ẹni mẹ́sàn-án bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jọ́ kan náà, kò yẹ kó sùn sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Èmi ti ń darí rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ Aláṣọ kì í ṣe nọ́ńbà 10 yẹn, pé wọ́n fẹ́ máa san owó gba inú akáúǹtì olórí kọjá ni.

Lọ́dọ̀ tèmi, mi ò kì í gba owó ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ 28 sí 30 olúkúlùkù á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ tààrà sínú akáúǹtì ẹni tó kàn, á ya ríṣíìtì ẹ̀, á gbé e sórí Wọ́sáàpù wa kí gbogbo ojú rí i, ẹni tó kó owó náà á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti gbà á pé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú orúkọ, kí n pe ẹni tó bá pẹ́. Tí mo bá kú lálẹ́ òní kò sí owó ẹnikẹ́ni lọ́rùn mi.

Aláṣọ Gbági
Hẹn ẹn màmá, mi ò ro ibẹ̀ yẹn rárá. Olórí wa sọ pé torí kí gbogbo ẹ̀ lè pé lójú kan ni wọ́n ṣe fẹ́ kó máa gba ọ̀dọ̀ àwọn, pé ẹlòmíì á san lọ́jọ́ karùn-ún ẹlòmíì lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ tó bá wà lọ́dọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì?

Bàbá Akáúńtántì
Ẹ má bínú, ó máa gùn díẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ káwọn èèyàn fọkàn sí. Ká fi jíjẹ́ olóòótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Owó tó bá ti wọ inú akáúǹtì tó ń jẹ́ orúkọ wọn, lójú báǹkì tiwọn ni, báǹkì ò mọ ẹ̀yin mẹ́sàn-án yòókù rí.

Ká ní wọ́n ti yá lóònù níbì kan tí wọn ò tíì san tán. Láti 2020 ni CBN ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní GSI, tí ẹni tó yáwó bá ti kọjá ọjọ́ tó yẹ kó san, báǹkì tó yá a lówó lè fi BVN ẹ̀ tọpa owó dé akáúǹtì rẹ̀ tó wà ní báǹkì míì kó sì fa gbèsè náà yọ. Ìwé lóònù téèyàn bu ọwọ́ lù ló fún wọn láṣẹ, ọ̀pọ̀ ò ka ìwé ọ̀hún dójú ẹ̀. Àjọ yín ₦300,000 wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá oṣù, lóònù tẹ́ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ wá fà á lọ láàárín òru. Olórí yín ò jalè. Òun fúnra ẹ̀ á kàn rí alẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ni.

Èkejì lohun tó ṣẹlẹ̀ sí Káfíńtà. Tí oní-akáúǹtì bá kú, báǹkì á ti akáúǹtì náà pa títí àwọn ẹbí á fi gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù, ìyẹn lè gba oṣù púpọ̀, inú ogún yẹn lẹ ó sì ti máa jà pé owó yín wà. Káfíńtà, ẹ má ju kádì yẹn nù o. Ẹ̀yin ará òpópónà ẹ kó gbogbo kádì yín jọ, ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹbí nípasẹ̀ ìwé, kí wọ́n mọ̀ pé gbèsè wà lórí ogún kí wọ́n tó pín in.

Sísí Nọ́ọ̀sì
Ṣé ẹ rí i, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn báǹkì. Ìjọba ti ṣe ìdúró fún gbogbo owó inú báǹkì dé ₦5,000,000, kò sí ohun tó lè ṣe é. Àǹtí Aláṣọ, ẹ tiẹ̀ lè lo áàpù tó máa ti owó yín pa títí di oṣù kẹwàá, ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn án ká tó sọ pé ẹ fi ra lééṣì, èlé ẹ̀ sì ju ti báǹkì lọ. Ohun tí mò ń lò nìyẹn.

Bàbá Akáúńtántì
Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà á ní ọ̀nà kan, ó sì ku ibì kan. ₦5,000,000 yẹn tòótọ́ ni, láti 2024 ni NDIC, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìdúró fún owó inú báǹkì, ti gbé e kúrò ní ₦500,000. Nígbà tí CBN gba ìwé àṣẹ Heritage Bank lóṣù kẹfà ọdún yẹn, a rí i pé NDIC san owó fáwọn tó ní owó níbẹ̀ dé iye yẹn, àwọn tí BVN wọn so mọ́ akáúǹtì míì rí tiwọn gbà síbẹ̀ láìtò síbi kankan. Àmọ́ ti máíkíró báǹkì ò dé bẹ́ẹ̀, ₦2,000,000 ni tiwọn, ọ̀pọ̀ áàpù tó wà lórí fóònù wa sì jẹ́ máíkíró báǹkì, òmíràn ò tiẹ̀ jẹ́ báǹkì rárá, ó kàn ń bá yín kó owó lọ síbòmíì ni. Kẹ́ ẹ tó ti owó pa, ẹ wo ìsàlẹ̀ áàpù yẹn kẹ́ ẹ rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ìwé àṣẹ wà lórúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá a lórí ìkànnì NDIC.

Fún Aláṣọ, ₦500,000 ò kọjá ìkankan nínú méjèèjì. Tí báǹkì bá wó, wọ́n á rí tiwọn gbà. Tí àjọ bá wó, kò sí NDIC tó máa dá wọn lóhùn.

Ọmọ Ṣakí
Bàbá ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ti 2023 náà. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ń pààrọ̀ owó, owó mi wà ní báǹkì, mi ò rí ₦2,000 mú jáde, mo to ìlà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, mo ra owó mi lọ́wọ́ ẹni tó ní POS. Irú ààbò wo nìyẹn? Ọdún 2024 náà, wọ́n ti akáúǹtì màmá mi pa torí NIN.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Àmọ́ nígbà yẹn àjọ tí wọ́n ń fi owó beba dá náà dúró, mo mọ̀ ọ́n, ibo làwọn èèyàn ti máa rówó fi dá a? Àwa tá à ń lo tiránsífà la rí i ṣe, òun náà ṣì ń há lọ́jọ́ míì.

Jẹ́ kí n wá dáhùn ọ̀rọ̀ nọ́ńbà 10. Àwọn olórí fẹ́ràn láti fi ẹni tuntun sẹ́yìn, ó sì mọ́gbọ́n dání fún ẹgbẹ́, torí ẹni tí ò tíì kó kò lè sá lọ. Àmọ́ ẹ wò ó láti ọ̀dọ̀ ẹni ẹ̀yìn yẹn. Ká ní nọ́ńbà 1 kó ₦500,000 lóṣù kìíní, ó san ti oṣù kejì, ó san ti oṣù kẹta, ó wá pa ṣọ́ọ̀bù tì ó lọ sí Cotonou. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, ẹni méje ló kù, gbogbo wọn á máa kó ₦450,000. Gbèsè ẹ̀ jẹ́ ₦350,000, ó pín kárí. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà 2 bá a lọ, ₦400,000 ni wọn ó máa kó. Iṣẹ́lẹ̀ tó máa kan gbogbo ẹni tó bá wà lẹ́yìn nìyẹn, ẹni tó bá ti kó tiẹ̀ ṣíwájú ò ní mọ̀ ọ́n lára. Bó bá sì wá di oṣù kẹwàá, ẹni mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti kó tiwọn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń retí, kò sí ohun tó ń fa ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti san mọ́ àfi ojútì àti bóyá wọ́n fẹ́ tún dá òmíràn.

Ìdí nìyẹn tí èmi olórí fi máa ń kó kẹ́yìn. Tí àjọ bá yingin, èmi ló máa kọ́kọ́ dun, màá sì sáré lé ẹni tó bá ń pẹ́. Ẹni tuntun mo máa ń fi sí nọ́ńbà 6 tàbí 7 pẹ̀lú oníduró tó wà nínú àwa yẹn, ẹni tó mú un wá ló máa bá a san tó bá sá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ jọ̀ọ́ màmá mi ò fara mọ́ ọn o. Níbi tí mo ti mọ̀ ọ́n, olórí ló ń kó nọ́ńbà 1, ìyẹn ló jẹ́ owó iṣẹ́ ẹ̀, torí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, òun ló sì máa fi tirẹ̀ dí i tí ẹnikẹ́ni ò bá san. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló máa kó, ta ló máa fẹ́ ṣe wàhálà yẹn?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Mo gbọ́, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bi olórí yín bóyá ó ti dí i rí, àbí ẹnu lásán ni. Nígbà tí owó bá sọnù lóṣù kẹfà, ₦500,000 tó kó lóṣù kìíní ti di ọjà, kí ló máa fi dí i?

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Olórí tiwa dí i o, lójú mi báyìí. Ọ̀rọ̀ ẹni téèyàn bá mú ni.

Àlàájà Ìwó
Ẹ kú ìjíròrò o. Mo rí i pé gbogbo yín ń ka èlé. Àwa kan wà tá à ń dá àjọ torí pé kò sí èlé níbẹ̀ gan-an, a ò fẹ́ ribà. Ẹni kìíní ò san lé, ẹni ìkẹyìn ò gba lé, lójú tiwa ìrànlọ́wọ́ ni. Tí ẹnikẹ́ni bá ń wá báǹkì láìfẹ́ èlé, báǹkì tí kì í bá èlé lò wà báyìí bíi Jaiz àti TAJBank, NDIC sì ń bojú tó wọn. Èrè ọjà ni wọ́n ń pín, ó lè pọ̀ ó lè kéré.

Ọmọ Ṣakí
Àlàájà, àwọn kan ní kí ẹni tó bá kó ní nọ́ńbà 1 sí 3 fi ₦2,000, ₦3,000 kún tiẹ̀ lóṣooṣù kí wọ́n lè fi tu ẹni ẹ̀yìn nínú, kó má bàa pàdánù. Ṣé ìyẹn dáa?

Àlàájà Ìwó
Lọ́dọ̀ tiwa rárá o, ìyẹn ti di èlé.

Bàbá Akáúńtántì
Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é tó sì bá wọn lára mu, mo sì ti rí ibi tó dìjà torí wọn ò sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè sọ fún yín pé ó dáa tàbí kò dáa.

Ìjẹ̀ṣà Lọ́ńdọ̀nù
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fáwọn tó wà lókè òkun. Àwa náà ń dá àjọ níbí, èmi ni mo ń gba owó wọlé fún àwọn ará wa, ni báǹkì mi bá ti akáúǹtì mi pa, wọ́n ní kí n ṣàlàyé ìdí tí èèyàn mọ́kànlá fi ń san iye kan náà fún mi lóṣooṣù tí mo sì ń fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì. Orúkọ gbogbo wa tá a tẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ètò bá a ṣe máa kó o, pẹ̀lú ọwọ́ tí olúkúlùkù bù lù ú, ló yọ mí. Látìgbà yẹn a ti ń san án tààrà fún ẹni tó kàn bíi ti Ìyá Ìbejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, ẹ má fi sórí Wọ́sáàpù nìkan.

Aláṣọ Gbági
Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo tún kà á sétí ọkọ mi. Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ní ó ti yé àwọn báyìí pé àjọ ò burú, bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é ló burú. Mo fẹ́ lọ bá olórí wa lọ́la, mo fẹ́ kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà 6, kí wọ́n sì jẹ́ ká máa san owó tààrà. Ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù ní oṣù kẹwàá ńkọ́? Tí mo bá kó lóṣù kẹfà, owó náà á wà lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́rin, ohun tí mo sá fún nìyẹn.

Sísí Nọ́ọ̀sì
Ìgbà yẹn lẹ wá nílò báǹkì àǹtí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó o, ẹ gbé e lọ sínú fíkíséèdì oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní báǹkì, ẹ fi ₦300,000 tàbí iye tí lánlọ́ọ̀dù ń gbà síbẹ̀, ìyókù ẹ fi ṣòwò. Ẹ béèrè iye èlé wọn kẹ́ ẹ tó bu ọwọ́ lù ú, èyí wọ́n ń dúnàá-dúrà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kó tó tó àkókò, wọ́n á gé èlé kù, àmọ́ ojúlówó owó yín á pé.

Bàbá Akáúńtántì
Ìmọ̀ràn Nọ́ọ̀sì dáa. Ẹ fi ọjọ́ tó máa parí sí bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ lánlọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì sọ fún báǹkì pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n tún un gbé yípo. Tẹ́ ò bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan á tì í pa padà fún oṣù mẹ́ta míì, lánlọ́ọ̀dù á sì ti dé.

Káfíńtà Agége
Ẹ kú ìtọ́sọ́nà Bàbá, mo ti pe àwọn ará òpópónà nípa kádì yẹn. Ìbéèrè mi kan ni: báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé àjọ ti ń bàjẹ́ kó tó wó?

Ìyá Ìbejì Òṣogbo
Ẹni tó ti kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í san ìlàjì, tó ń ní "ẹ jẹ́ kí n fi kún ti oṣù tó ń bọ̀", ìyẹn nìkan ò tíì burú, ẹ pe oníduró ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ti olórí. Tó bá ń darí ẹgbẹ́ méjì mẹ́ta tí owó gbogbo wọn ń gba inú akáúǹtì kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ wá rí i pé ó sọ pé kẹ́ ẹ dúró ọjọ́ mẹ́ta kó tó san fún ẹni tó kàn nígbà tí gbogbo yín ti san tiyín, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé ó ti fi owó tiyín dí ihò ẹgbẹ́ míì. Oṣù yẹn ni kẹ́ ẹ ti pe ìpàdé, ẹ má dúró de oṣù tó ń bọ̀.

Aláṣọ Gbági
Ẹ̀yin ará, mo ti dé láti ọ̀dọ̀ olórí wa. Wọ́n gbà pé ká máa san án tààrà fún ẹni tó kàn láàárín ọjọ́ 27 sí 30, wọ́n ní ó tiẹ̀ dín wàhálà àwọn kù. Nọ́ńbà 6 ni wọn ò tíì gbà, wọ́n ní ẹni tó wà níbẹ̀ ń kọ́ ilé, pé kí n mú nọ́ńbà 8, kí ẹni tó mú mi wọlé jẹ́ oníduró mi. Kí ni kí n máa kọ síbi àlàyé tiránsífà? Ẹnì kan ní tí n bá kọ "àjọ" síbẹ̀ báǹkì á fura.

Bàbá Akáúńtántì
Wọn ò ní fura sí i. Ẹ kọ "àjọ oṣù kìíní" àti orúkọ yín, oṣù tó tẹ̀ lé e ẹ kọ "àjọ oṣù kejì". Tí ìjà bá dé, ẹ̀rí nìyẹn pé ẹ ò kàn ta ẹni yẹn lọ́rẹ. Nọ́ńbà 8 bọ́ sí oṣù kẹjọ, á ku oṣù méjì sí ti lánlọ́ọ̀dù, ẹ bi báǹkì bóyá wọ́n ń gba fíkíséèdì ọjọ́ 60.